Ọdún kéje àbí ọdún kẹjọ? Nebukadnésárì ò jẹ́ kí n sùn

Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ mí lọ́kàn. Èmi ni mo ń darí kíláàsì Bíbélì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n jù o, ohùn mi ló ròkè ni wọ́n fi ní kí n máa ṣe é, a wá dé ibi tí wọ́n ti kó Jèhóíákínì ọba Júdà lọ sí Bábílónì. Mo ka Àwọn Ọba Kejì 24:12 síta, ó ní ọdún kẹjọ ìjọba Nebukadnésárì ni. Bàbá kan wà tí wọ́n máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, tí ẹ máa rò pé wọ́n ti sùn lọ. Wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n ní, "Tíṣà, Jeremáyà 52:28 sọ pé ọdún kéje ni. Èwo la fẹ́ mú?"

Mo ní ohun tó ṣe pàtàkì ni ẹ̀kọ́ inú ẹ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ò rí ìdáhùn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo délé mo ṣí Jeremáyà 52 tán pátá, ọ̀rọ̀ wá burú sí i. Nínú orí kan ṣoṣo yẹn, ẹsẹ 12 sọ pé ọdún kọkàndínlógún Nebukadnésárì ni wọ́n jó tẹ́ńpìlì, ẹsẹ 29 sì ń sọ nípa àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn láti Jerúsálẹ́mù ní ọdún kejìdínlógún. Ọdún kan ló wà láàárín wọn níbí, ọdún kan náà ló wà láàárín wọn lọ́hùn-ún. Ká ní ẹni tó ń dà á kọ ló kàn ṣèèṣì ni, àṣìṣe yẹn ò bá ti gba ibi gbogbo, lẹ́ẹ̀kan ì bá lé ọdún kan, lẹ́ẹ̀kan ì bá dín mẹ́ta. Àmọ́ ọdún kan géérégé lẹ́ẹ̀mejèèjì, tó sì jẹ́ pé apá kan náà ló ń lé sí, ìyẹn ò jọ àṣìṣe, ó jọ pé ẹni méjì ń ka nǹkan kan náà, wọn ò kàn bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà.

## Ọjọ́ kẹjọ ọmọ

Ibi tó ti là sí mi kì í ṣe inú ìwé. Àbúrò mi obìnrin bímọ láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n sì pe ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀n pé ọjọ́ kẹjọ la máa kó ọmọ jáde, kí wọ́n wá. Bọ̀ọ̀dá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dé ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú kóòtù lápá, inú wọn dùn pé àwọn dé ku ọ̀la. Kí ni wọ́n bá? Àwọn ọmọkùnrin ń tú kánópì, àwo ìrẹsì ti ń fò kiri àgbàlá, ọmọ ti gba orúkọ mẹ́sàn-án láti àárọ̀.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ṣebí ọjọ́ kẹjọ lẹ sọ? Mo kà á dáadáa." Wọ́n kà á lóòótọ́: Túsìdeè ni wọ́n pè ní ọ̀kan, Wẹ́sídeè ni méjì, wọ́n ń kà á lọ bẹ́ẹ̀, mẹ́jọ sì bọ́ sí Túsìdeè kejì. Ìyá wọn tó jókòó sórí àga oníke ò tiẹ̀ bínú, wọ́n kàn na ọmọ ìka wọn jáde, wọ́n ní, "Mọ́ńdè tí wọ́n bí i, ọ̀kan. Túsìdeè, méjì. Wẹ́sídeè, mẹ́ta." Títí tó fi bọ́ sórí Mọ́ńdè. Wọ́n wá wo ọmọ wọn lójú, wọ́n ní, "Àbí ọmọ ò tíì wà láyé ní Mọ́ńdè yẹn ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju abọ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. Torí pé Mọ́mì ò mọ̀ o, àmọ́ àríyànjiyàn tó wà láàárín ìwé Àwọn Ọba àti ìwé Jeremáyà ni wọ́n ń bá ọmọ wọn ṣe. Ọba ti gorí ìtẹ́, ṣé ọdún tó gorí ẹ̀ yẹn ni ọ̀kan ni, àbí ọdún tó tẹ̀ lé e?

Àwa Yorùbá ti yan tiwa tipẹ́. Ọjọ́ tí a wà nínú ẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń bọ́ sí tí ẹ bá fi kàlẹ́ńdà òyìnbó wò ó, torí pé ọjọ́ ọjà tó kọjá náà wà nínú ìkà. Ìtàdógún náà rèé, mẹ́tàdínlógún lorúkọ ẹ̀, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín méjì. Fídàú ọjọ́ kẹjọ tí àwọn Mùsùlùmí wa ń ṣe náà, ọ̀nà yẹn náà ni. Bọ̀ọ̀dá ti pẹ́ jù nílùú òyìnbó ni.

## Ọdún tí kò ní nọ́ńbà

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e sórí ọba gan-an. Ní ọdún 605 ṣáájú Kristi, Nebukadnésárì ṣì jẹ́ ọmọ ọba ni, òun ló kó ọmọ ogun bàbá ẹ̀ lọ bá àwọn ará Íjíbítì jà ní Kákémíṣì, ó sì ṣẹ́gun wọn. Ó ṣì wà lójú ogun lọ́hùn-ún nígbà tí bàbá ẹ̀, Nabopolásà, kú nílé ní oṣù kẹjọ. Ó sáré padà, ó sì jókòó sórí ìtẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Élúlì, tó bọ́ sí ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án lórí kàlẹ́ńdà tiwa.

Ọdún tuntun àwọn ará Bábílónì kì í ṣe oṣù kìn-ín-ní wa, oṣù Nísánì ni, tó máa ń bọ́ sáàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Nítorí náà láti oṣù kẹsàn-án 605 títí di Nísánì 604, ọba tuntun ti wà níbẹ̀, àmọ́ ọdún bàbá ẹ̀ ni wọ́n ń lò lọ. Ọ̀nà tí àwọn akọ̀wé Bábílónì gbà yanjú ẹ̀ ni pé wọn ò fún àwọn oṣù yẹn ní nọ́ńbà kankan, wọ́n kàn ń kọ ọ́ pé "ọdún tí Nebukadnésárì gorí ìtẹ́". Nísánì 604 ló wá di ọdún kìn-ín-ní. Ẹ lè fi ojú Bọ̀ọ̀dá wò ó: Mọ́ńdè ò ní nọ́ńbà, Túsìdeè ni ọ̀kan.

Tí a bá wá ní ọ̀nà ti Mọ́mì la fẹ́, oṣù kẹsàn-án 605 yẹn ti wà nínú ọdún kìn-ín-ní, Nísánì 604 á sì ti di ọdún kejì. Ọba kan náà, ìtẹ́ kan náà, àmọ́ nọ́ńbà ti fi ọ̀kan lé ara wọn títí tí ọba á fi kú.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan ni, ẹ mú Aláàfin Làmídì Adéyẹmí. Oṣù kọkànlá 1970 ni wọ́n gorí ìtẹ́, wọ́n wàjà ní oṣù kẹrin 2022. Ọdún mélòó? Tí ẹ bá ka ọdún tó pé géérégé nìkan, 51 ni. Tí akọ̀wé Bábílónì bá kà á, tí a sì fi oṣù kìn-ín-ní ṣe ọdún tuntun, 1970 ò ní nọ́ńbà, 1971 ni ọ̀kan, wọ́n wàjà nínú ọdún kejìléláàádọ́ta. Mọ́mì á ní ọdún kẹtàléláàádọ́ta ni. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

## Ká wá ṣírò ọdún kéje

Ó ku ká mọ èyí tó jẹ́ ti Jerúsálẹ́mù. Oríire wa ni pé àwọn ará Bábílónì fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀. Wàláà amọ̀ kékeré kan wà ní mùsíọ́ọ̀mù Lọ́ńdọ̀n, nọ́ńbà ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni BM 21946, ọdún 1956 ni wọ́n tó tẹ ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde. Ó ń ka ìjọba Nebukadnésárì lọ́dọọdún, ọdún yìí ó lọ síbí, ọdún yìí ó jókòó sílé. Ìgbà tó dé ọdún kéje, ó ní ọba kó ọmọ ogun jáde ní oṣù Kísílẹ́ù, ó do ti ìlú Júdà, ní ọjọ́ kejì oṣù Ádárì ó gba ìlú náà, ó mú ọba wọn, ó fi ọba tó wù ú síbẹ̀, ó sì kó ẹrù rẹpẹtẹ lọ sí Bábílónì. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka Bíbélì mọ̀ pé ọba tó mú ni Jèhóíákínì, èyí tó fi síbẹ̀ sì ni Sedekáyà.

Ọdún kéje, lọ́nà ti Bábílónì. Ìṣirò ẹ̀ rọrùn: níwọ̀n bí ọdún kìn-ín-ní ti jẹ́ 604, ẹ yọ nọ́ńbà ọdún ọba kúrò nínú 605, ohun tó bá kù ni ọdún tí ọdún ọba yẹn bẹ̀rẹ̀ ṣáájú Kristi. 605 yọ 7, ó ku 598.

Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ ṣubú lulẹ̀ gbì. Mo kọ 598 sínú ìwé mi, inú mi dùn, mo lọ sùn. Ọjọ́ kejì ni mo rántí pé ọdún kéje bẹ̀rẹ̀ ní Nísánì 598 lóòótọ́, àmọ́ Ádárì tí wọ́n gba ìlú, oṣù kejìlá wọn ni, Ádárì inú ìwé Ẹ́sítérì yẹn náà ni. Ẹ bá mi kà á láti oṣù kẹrin 598 lọ: Kísílẹ́ù tí ọmọ ogun gbéra jẹ́ oṣù kẹsàn-án wọn, ìparí 598 tiwa nìyẹn. Lẹ́yìn náà oṣù kìn-ín-ní wa ti kọjá, nọ́ńbà tiwa ti yí sí 597, torí ṣáájú Kristi ń wálẹ̀ ni, kì í gòkè, ọdún kéje Nebukadnésárì sì ń lọ ní tiẹ̀, kò tíì parí. Ọjọ́ kejì Ádárì bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kẹta, 597.

Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní "ọdún báyìí ìjọba lágbájá" láìsọ oṣù, ọdún tiwa méjì ni kí ẹ kọ, 598/597, kí ẹ fi ìlà sáàárín. Ẹni tó bá kọ ẹyọ kan ti já nǹkan sílẹ̀ níbì kan. Ẹ sì máa béèrè oṣù tí ìjọba yẹn fi ń ṣọdún, torí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀.

Ní báyìí ẹ padà sórí ìbéèrè Bàbá. Jeremáyà 52:28 sọ ọdún kéje, bí wàláà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Àwọn Ọba sọ ọdún kẹjọ, èyí tí ẹ máa rí tí ẹ bá fi ìka Mọ́mì kà á. Ó jọ pé ẹni tó kọ ẹsẹ ti Jeremáyà yẹn rí i nínú ìwé tí wọ́n fi ń ka ẹrú ní Bábílónì, ẹ wò ó bó ṣe dá iye èèyàn, 3,023, kò sọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó kọ Àwọn Ọba ní tiẹ̀ ń kà á bí wọ́n ṣe ń kà á nílé tiẹ̀.

## Ta ló ní 604 gan-an?

Ìyàwó mi ló bi mí léyìí, mo sì mọyì ẹ̀. Ó ní, "Gbogbo èyí tó o ń sọ, orí 604 lo gbé e kà. Ta ló sọ fún ẹ pé 604 ni?"

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kí ẹ máa gòkè. Kírúsì ará Páṣíà gba Bábílónì ní ìparí 539, nítorí náà ọdún kìn-ín-ní tiẹ̀ ni 538. Ẹni tó jẹ ṣáájú ẹ̀ ni Nabonídù, ọdún 17, ìyẹn gbé wa dé 555. Nẹrigílísà, ọdún 4, 559. Efili-Merodákì tó yọ Jèhóíákínì kúrò lẹ́wọ̀n, ọdún 2, 561. Nebukadnésárì fúnra ẹ̀, ọdún 43. 561 àti 43, 604 ló jẹ́.

Ó dùn mọ́ mi bó ṣe bọ́ síbẹ̀ ṣákálá, àmọ́ ẹ wo ìdí tó fi bọ́ síbẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ọdún tí ọba gorí ìtẹ́ ò ní nọ́ńbà, ọdún yẹn wà lọ́rùn ọba tó kú nìkan, kò sí ọdún tí èèyàn méjì jọ gbà. Ká ní ọ̀nà Mọ́mì ni wọ́n lò, ọdún tí ọba kan kú náà ni ọdún kìn-ín-ní ọba kejì, ẹ máa ka ọdún yẹn lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ìgbà tí ìtẹ́ bá yí ọwọ́ lẹ máa fi ọdún kan kún un lófo. Nínú ọba mẹ́rin péré ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù. Ẹni tó bá rí ìwé kan tó to ọba mẹ́wàá sílẹ̀, tí àròpọ̀ ọdún wọn wá fi bí mẹ́sàn-án ju àkókò tó yẹ lọ, kó má pè é ní irọ́, kó kọ́kọ́ yọ ọ̀kan-ọ̀kan kúrò lórí ọba kọ̀ọ̀kan wò. (Ọba kan wà tó ń jẹ́ Lábáṣì-Mádúkù láàárín Nẹrigílísà àti Nabonídù, oṣù díẹ̀ péré ló lò, ọdún tuntun kankan ò bá a lórí ìtẹ́, nítorí náà òdo ni nínú ìṣirò. Ọ̀nà Mọ́mì ì bá ti fún un ní ọdún kan gbáko!)

Ọ̀nà kejì ni ojú ọ̀run. Wàláà mìíràn wà ní Bẹ̀líìnì, VAT 4956, tó jẹ́ ti ọdún kẹtàdínlógójì Nebukadnésárì. Àwọn awòràwọ̀ Bábílónì kọ ibi tí òṣùpá wà sínú ẹ̀ lálẹ́ báyìí àti lálẹ́ báyìí, àti ibi tí Sátọ́ọ̀nù, Júpítà àti àwọn yòókù wà láàárín àwọn ìràwọ̀. Sátọ́ọ̀nù máa ń lo nǹkan bí ọdún 29 kó tó yípo ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan, Júpítà máa ń lo bí 12, nítorí náà kí gbogbo wọn tún tò bí wọ́n ṣe tò lọ́dún yẹn ṣòro gan-an ni. Wọ́n ṣírò ẹ̀ padà, ó bọ́ sí 568/567. 605 yọ 37, kí ló kù? 568. Ìyàwó mi ní ó dáa, òun gbà, kí n wá jẹun.

## Ibi tí wọn ò tíì fẹnu kò sí

Nígbà tí mo gbé e padà lọ sí kíláàsì, Bàbá ò jẹ́ kí n lọ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ní, "Kíróníkà Kejì 36:10 sọ pé nígbà tí ọdún yípo ni wọ́n ránṣẹ́ mú Jèhóíákínì. Ó lè jẹ́ pé ìlú bọ́ ní òpin ọdún kéje, kí wọ́n tó kó ẹrú kúrò, ọdún kẹjọ ti wọlé." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Láti ọjọ́ kejì Ádárì sí Nísánì ò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, kíkó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jáde nílùú kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Mo ní mo gbà, àmọ́ kí wọ́n bá mi ti ìyẹn wo ọdún kejìdínlógún àti ọdún kọkàndínlógún. Oṣù karùn-ún wọn ni wọ́n jó tẹ́ńpìlì, àárín ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ọdún tuntun ti lọ ó ti pẹ́, èyí tó ń bọ̀ ṣì jìnnà, síbẹ̀ ọdún kan náà ló tún fi lé ara wọn. Ìyípo ọdún ò lè sọ ìdí ìyẹn. Ìka Mọ́mì lè sọ ọ́.

Àmọ́ níbẹ̀ náà ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ mi ò rí bí mo ṣe fẹ́. Wàláà Lọ́ńdọ̀n yẹn ò kọjá ọdún kọkànlá, kò sí àkọsílẹ̀ Bábílónì irú ẹ̀ lọ́wọ́ wa fún ọdún tí wọ́n jó tẹ́ńpìlì. Tí ọdún kọkàndínlógún bá jẹ́ ti Mọ́mì, tó bẹ̀rẹ̀ láti Nísánì, ọdún kejìdínlógún ti Bábílónì náà ni, 605 yọ 18, ẹ̀ẹ̀rùn 587. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wá ní rárá, ó jẹ́ pé ìgbà ìkórè, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ni wọ́n fi ń ṣọdún ní Júdà, wọ́n sì ń ka ọdún kìn-ín-ní Nebukadnésárì láti ìgbà ìkórè 605, kété lẹ́yìn tó jókòó sórí ìtẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lé e, ìgbà ìkórè 598 ni ọdún kẹjọ máa bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹta 597 sì máa wà nínú ẹ̀ dáadáa, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn náà rí ìdáhùn sí ìbéèrè Bàbá. Àmọ́ ọdún kọkàndínlógún tiwọn máa bẹ̀rẹ̀ ní ìkórè 587, ẹ̀ẹ̀rùn tó wà nínú ẹ̀ sì ni ti 586. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí 587 nínú ìwé kan àti 586 nínú òmíràn.

Èmi ṣì wà lẹ́yìn 587, nítorí ẹsẹ 29. Àwọn ẹni 586 máa ní láti sọ pé àwọn 832 tí wọ́n kó ní ọdún kejìdínlógún, ọ̀tọ̀ ni wọ́n sí àwọn tí wọ́n kó nígbà tí ìlú jó, pé ó ti tó ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ti kó wọn, ìgbà tí odi ìlú ṣì wà lóòró. Ó ṣeé ṣe, ó kàn ń béèrè ẹ̀bẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ mi ni. Mo fi pẹ́ńsù kọ 597 sí ẹ̀gbẹ́ Bíbélì mi níbi Àwọn Ọba Kejì 24, mo kọ 587 sí orí 25, mo sì fi àmì ìbéèrè sí ìkejì. Bàbá náà kọ tiwọn, mo yọjú wò ó, 586 ni.

Àná ni Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀n fi wásáàpù ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n gbọ́ pé a máa gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ogójì ọjọ́, wọ́n fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ lọ bá àwọn béèrè lọ́wọ́ Mọ́mì, ṣé Mọ́ńdè tí wọ́n bí i wà nínú ẹ̀.